Bẹ́ẹ ṣe lè fi nọ́ńbà tí ò ní wó sínú sífíì sélíìsì yín

Mo ti bá àwọn sélíìsì rẹ́ẹ̀pù wo sífíì tó pọ̀, tàwọn ọ̀rẹ́, tàwọn àbúrò ọ̀rẹ́, tàwọn tí mi ò mọ̀ rí tí wọ́n kàn sọ pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó", ìlà kan náà ló sì máa ń wà nínú gbogbo ẹ̀: "Mo máa ń pé táágẹ́ẹ̀tì mi, àárín èmi àti àwọn kọ́sítọ́mà sì gún." Máníjà tó ń kà á ò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Táágẹ́ẹ̀tì mélòó? Ẹ pé e lẹ́ẹ̀mélòó? Àwọn tó tún wá gbìyànjú láti fi nọ́ńbà sí i, òmíràn á kọ ọ́ pé òun fi 92% lé sélíìsì sókè, wọ́n á pè é fún íńtáfíù, wọ́n á bi í ní ìbéèrè ẹyọ kan, nọ́ńbà yẹn á sì wó lulẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Nọ́ńbà mẹ́ta la máa ṣe níbí: bẹ́ẹ ṣe pé táágẹ́ẹ̀tì sí, bí ọjà ṣe gbèrú lọ́wọ́ yín, àti iye kọ́sítọ́mà tí ò sá lọ. Ẹni tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ń ta núdùlù fún àwọn ṣọ́ọ̀bù láti Bódìjà dé Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́níyà nílùú Ìbàdàn, ó ń gbé váànù lọ láti ilé dìsítíríbútọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe gbogbo nọ́ńbà ẹ̀, torí náà ẹ má lọ dà á kọ o, tiyín lẹ máa fi síbẹ̀.

Ohun tẹ́ẹ nílò kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Táágẹ́ẹ̀tì oṣooṣù yín fún ọdún kan, ó kéré tán.
- Iye tẹ́ẹ tà ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ní páálí, kì í ṣe ní náírà nìkan.
- Iye tí ẹ́ríà yẹn tà lọ́dún tó ṣáájú, yálà ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ tàbí ẹlòmíì.
- Iye ṣọ́ọ̀bù tó ń rajà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, iye tó ń rajà nígbà tó parí, àti mélòó nínú wọn ló jẹ́ tuntun.
- Ẹ́sẹ́ẹ̀lì tàbí Gúgù Ṣíìtì lórí fóònù. Ìwé àti bírò náà á ṣe é, kò le.

1. Ẹ wá nọ́ńbà yín jáde

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé "mi ò ní rẹ́kọ́ọ̀dù kankan, mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́." Ẹ ní i o, ẹ ò kàn mọ ibi tó wà ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ sórí Wásáàpù, ẹ wá grúùpù tí wọ́n ti máa ń pín táágẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ "target" síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, ẹ máa rí i pé máníjà yín ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ oṣù tuntun kọ̀ọ̀kan. Ríípọ́ọ̀tù alaalẹ́ tẹ́ẹ máa ń fi ránṣẹ́, tó máa ń sú yín yẹn, òun náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn páálí tẹ́ẹ tà wà nínú ẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Báńkì ni ibi kejì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í rántí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá pé táágẹ́ẹ̀tì nìkan ni iléeṣẹ́ yín máa ń san kọmíṣọ́nnù fún, a jẹ́ pé álẹ́ẹ̀tì kọmíṣọ́nnù yẹn ni ẹ̀rí. Ẹ gba sítétímẹ́ńtì ọdún náà, ẹ ka iye ìgbà tí owó náà wọlé. Tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, oṣù mẹ́sàn-án lẹ pé nìyẹn, kódà tẹ́ẹ bá ti gbàgbé iye páálí. Ẹ kàn ṣọ́ra, torí àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń san ti oṣù yìí ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn míì sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án láti 80%, ẹ rántí bí tiyín ṣe rí kẹ́ẹ tó kà á.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe: ẹ má fi fáìlì iléeṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ẹ fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kọ́sítọ́mà kì í ṣe tiyín, òfin tó ń dáàbò bo dátà nílẹ̀ yìí ti wà látọdún 2023, àdéhùn iṣẹ́ tẹ́ẹ fọwọ́ sí náà sì lè dè yín. Iye tẹ́ẹ tà nìkan lẹ nílò, ẹ ò nílò ẹni tẹ́ẹ tà á fún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé oṣù méjèèjìlá ní táágẹ́ẹ̀tì àti iye tẹ́ẹ tà? Oṣù tó bá ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ro ó lórí. Ẹ lè lo oṣù mẹ́sàn-án tẹ́ẹ mọ̀ dájú, kẹ́ẹ sì sọ ọ́ pé mẹ́sàn-án ni.

2. Ẹ ṣírò bẹ́ẹ ṣe pé táágẹ́ẹ̀tì sí

Ẹni tá a fi ṣe àpẹẹrẹ nìyí, ọdún 2024, gbogbo ẹ̀ ní páálí:

| Oṣù | Táágẹ́ẹ̀tì | Iye tó tà |
|---|---|---|
| Jánúárì | 1,000 | 820 |
| Fẹ́búárì | 1,000 | 910 |
| Máàṣì | 1,000 | 1,050 |
| Épírẹ́lì | 1,200 | 1,240 |
| Méè | 1,200 | 1,210 |
| Júùnù | 1,200 | 1,260 |
| Júláì | 1,200 | 1,230 |
| Ọ́gọ́ọ̀sì | 1,200 | 1,080 |
| Sẹ̀tẹ́ńbà | 1,200 | 1,290 |
| Òkítóbà | 1,500 | 1,560 |
| Nòfẹ́ńbà | 1,500 | 1,610 |
| Dìsẹ́ńbà | 1,500 | 1,740 |

Ẹ ro gbogbo ohun tó tà pọ̀, ó jẹ́ 15,000. Ẹ ro táágẹ́ẹ̀tì pọ̀, ó jẹ́ 14,700. Ẹ fi táágẹ́ẹ̀tì pín èyí tó tà, 102% ló jáde. Lẹ́yìn náà ẹ ka oṣù tó pé tàbí tó kọjá, mẹ́sàn-án ni nínú méjìlá. Tó bá jẹ́ pé orí Gúgù Ṣíìtì lẹ ti ń ṣe é, tí táágẹ́ẹ̀tì wà ní B, tí iye tẹ́ẹ tà wà ní C:

```
=SUM(C2:C13)/SUM(B2:B13)
=SUMPRODUCT(--(C2:C13>=B2:B13))
```

Ti àkọ́kọ́ á gbé ìpín yẹn jáde, ẹ tẹ àmì % kó lè hàn bó ṣe yẹ, ìkejì á ka iye oṣù tẹ́ẹ pé.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe: àwọn kan á ṣe pásẹ́ńtì oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á wá ro pásẹ́ńtì pọ̀, wọ́n á fi méjìlá pín in. Irọ́ lèyí máa ń pa. Ẹ wò ó báyìí: ká ní táágẹ́ẹ̀tì oṣù kan jẹ́ 100 tẹ́ẹ sì ta 200, 200% nìyẹn, oṣù kejì wọ́n ní kẹ́ẹ ta 1,000 ẹ wá ta 500, 50% nìyẹn. Tẹ́ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ tẹ́ẹ fi méjì pín in, 125% lẹ máa rí, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n páálí 700 lẹ tà nínú 1,100, ẹ ò tíì dé 64%. Ẹni tó bá mọ ìṣirò lára àwọn tó ń ṣe íńtáfíù fún yín máa rí i kíá.

Àṣìṣe kejì ni ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ọdún. Tó bá jẹ́ Épírẹ́lì lẹ wọlé, Épírẹ́lì sí Dìsẹ́ńbà lẹ máa ṣírò, ẹ ò gbọ́dọ̀ kó ti Jánúárì sí Máàṣì mọ́ ọn, bó ti wù kó dáa tó, ẹlòmíì ló tà á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pásẹ́ńtì ọdún ò gbọ́dọ̀ ga ju ti oṣù tó dáa jù lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kéré ju ti oṣù tó burú jù. Tiwa wà láàrin 82% ti Jánúárì àti 116% ti Dìsẹ́ńbà, ó dáa. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 102% lásán, ẹ má kọ 102.04%, èèyàn tó ń ta núdùlù kọ́ ló ń kọ irú yẹn.

3. Ẹ ṣírò ìdàgbàsókè ní páálí, ẹ gbàgbé náírà ná

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ẹ dúró pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni nọ́ńbà tó ń wó ti máa ń wó jù.

Ẹni wa yìí, 2023 ẹ́ríà ẹ̀ ta páálí 12,500, 2024 ó ta 15,000. Ká ní páálí kan jẹ́ ₦6,000 ní 2023, ó wá di ₦9,600 ní 2024. Tó bá fi náírà ṣe é, 75 mílíọ̀nù ló kúrò tó di 144 mílíọ̀nù, 92% ló fi lọ sókè nìyẹn, ó dùn ún gbọ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ ohun tí owó ọjà ṣe látìgbà tí báńkì àpapọ̀ ti ní kí náírà máa wá iye ẹ̀ fúnra ẹ̀ ní Júùnù 2023, nígbà tó fi máa di Dìsẹ́ńbà 2024 àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba ní owó ọjà ti ga ju 34% lọ sí ti ọdún tó ṣáájú. Torí náà tẹ́ẹ bá kọ 92%, ohun tí máníjà máa kọ́kọ́ bi yín ni "páálí ńkọ́?" Tẹ́ẹ bá ní 20%, kò ní rí yín bí ẹni tó ta 20% sí i mọ́, á rí yín bí ẹni tó fẹ́ fi 92% tàn án jẹ. Bẹ́ẹ̀ 20% yẹn dáa gidi o, nígbà tí owó ọjà ń gun òkè bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dín ohun tí wọ́n ń rà kù, kẹ́ẹ tún ta páálí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ ńlá ni.

```
=(15000-12500)/12500
```

Nọ́ńbà tọdún tó ṣáájú lẹ fi ń pín in, kì í ṣe tọdún yìí. Tẹ́ẹ bá fi 15,000 pín in, 17% lẹ máa rí, ẹ ti rẹ́ ara yín jẹ.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín ò ní páálí ńkọ́, bóyá ínṣọ́ránsì tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ lẹ ń tà? Ẹ ka ohun tí owó ò lè wú: iye pọ́lísì, iye ọ́fíìsì tẹ́ẹ so pọ̀, iye àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ lè wá kọ náírà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bi ara yín pé ká ní owó ọjà ò gbéra rárá lọ́dún yẹn, ṣé nọ́ńbà yín á ṣì dúró bẹ́ẹ̀? Tó bá máa yí padà, náírà ṣì wà nínú ẹ̀.

4. Ẹ ka àwọn kọ́sítọ́mà tí ò sá lọ

"Mo máa ń tọ́jú kọ́sítọ́mà dáadáa", ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan lórí ìwé. Kẹ́ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tẹ́ẹ máa pè ní kọ́sítọ́mà tó ṣì wà. Ní ti núdùlù, tí wọ́n máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni wa yìí ní ṣọ́ọ̀bù tó bá rajà lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàrin ọjọ́ 60 ni. Tó bá jẹ́ fìríìjì lẹ ń tà ni, ọjọ́ 60 ò ní bọ́gbọ́n mu, ta ló ń ra fìríìjì lóṣooṣù?

Nígbà tí 2024 bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù 80 ló ń rajà ní ẹ́ríà ẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n jẹ́ 96. Ẹni tó bá ń kánjú á fi 80 pín 96, á kọ ọ́ pé òun di 120% kọ́sítọ́mà òun mú. Báwo? Èèyàn ò lè di ju gbogbo ohun tó ní mú kẹ̀! Nínú 96 yẹn, 28 jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rajà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ yọ wọ́n kúrò, ó ku 68, àwọn yẹn ni ògbólógbòó tó ṣì wà nínú 80.

```
=(96-28)/80
```

85% ni. Méjìlá ló lọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn lọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìdí kọ̀ọ̀kan: márùn-ún ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, mẹ́ta lọ ń rà tààrà lọ́wọ́ dìsítíríbútọ̀, mẹ́rin ló bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ míì. Ẹ ò ní kọ èyí sínú sífíì, ọwọ́ yín ló máa wà, wọ́n á bi yín dandan.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe: àwọn kan á kọ 100%, torí wọ́n rò pé ẹni tó sọ̀rọ̀ pé kọ́sítọ́mà kankan lọ ti tú àṣírí ara ẹ̀. Nínú títà kiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù lè kó lọ sílùú míì lóru ọjọ́ kan, 100% lórí ṣọ́ọ̀bù 80 kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbà gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ dìsítíríbútọ̀ ńlá márùn-ún péré lẹ ń mójú tó tí ìkankan ò lọ, ẹ kọ "márùn-ún nínú márùn-ún", ẹ fi pásẹ́ńtì sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn tó dúró àti àwọn tó lọ, tẹ́ẹ bá rò wọ́n pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. 68 àti 12 jẹ́ 80. Tí kò bá bára mu, ẹ ti ka ṣọ́ọ̀bù tuntun kan mọ́ ògbólógbòó, tàbí ẹ ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì torí ọkọ ló ń gba ọjà lónìí, ìyàwó ló ń gbà á lọ́la.

5. Ẹ kọ ìlà yẹn

Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ohun tẹ́ẹ fi wọ̀n ọ́n, àti ohun tẹ́ẹ ṣe gan-an. Mo máa kọ ọ́ ní Yorùbá níbí, ẹ̀yin ẹ lọ gbé e sí òyìnbó nígbà tẹ́ẹ bá ń ṣe tiyín.

Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: "Mo máa ń pé táágẹ́ẹ̀tì mi lóṣooṣù." (Irọ́ sì ni, ó pàdánù oṣù mẹ́ta.)

Bó ṣe dà báyìí:

- Mo ta páálí 15,000 ní 2024 nígbà tí táágẹ́ẹ̀tì jẹ́ 14,700 (102%), mo sì pé táágẹ́ẹ̀tì ní oṣù 9 nínú 12.
- Mo fi 20% gbé iye páálí tí ẹ́ríà Bódìjà sí Mọ́níyà ń tà sókè, láti 12,500 ní 2023, mo sì mú ṣọ́ọ̀bù tuntun 28 wọlé.
- Nínú ṣọ́ọ̀bù 80 tó ń rajà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, 68 (85%) ṣì ń rà nígbà tó parí, lẹ́yìn tí mo yí ọjọ́ tí mo ń dé ọ̀dọ̀ wọn sí Ọjọ́ Ajé, tí ọjà ti máa ń tán nílẹ̀ lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀.

Ìlà mẹ́ta tó fún iṣẹ́ kan. Mo ti rí ẹni tó kọ ìlà mọ́kànlá, nọ́ńbà nínú gbogbo ẹ̀, ó dà bí ìwé gbèsè.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ipò sí i, pé ẹ ṣe ìkẹta, ẹ sọ iye èèyàn. Ìkẹta nínú mẹ́rìnlá, ó dáa. Ìkẹta nínú mẹ́ta… ẹ ti mọ̀ ọ́n. Tí àdéhùn tẹ́ẹ fọwọ́ sí bá ní kẹ́ẹ má sọ iye ọjà fún ará ìta, ẹ yọ páálí kúrò, ẹ fi 102% àti oṣù 9 nínú 12 sílẹ̀, ìyẹn ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín, kó ka ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, kó wá sọ ohun tẹ́ẹ ṣe fún yín. Tó bá bi yín pé "102% ti kí ni?", ẹ padà lọ tún un kọ.

6. Ẹ fi ẹnu dán an wò

Ẹ pe ọ̀rẹ́ kan tó lẹ́nu, kó mú sífíì yẹn dání, kó fọwọ́ lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kó bi yín bẹ́ẹ ṣe rí i. Kò gbọ́dọ̀ gbà yín ju bí ìṣẹ́jú kan lọ kẹ́ẹ tó dáhùn, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣí fóònù. Lẹ́yìn náà kó bi yín léèrè oṣù tó burú, torí máníjà tó gbọ́n ò ní wo Dìsẹ́ńbà rárá.

Fún ẹni wa yìí, ìdáhùn Jánúárì àti Fẹ́búárì rọrùn, ẹ́ríà tuntun ni wọ́n gbé e sí, ó ṣì ń mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ọ́gọ́ọ̀sì ló le. Ọjà tán ní ilé dìsítíríbútọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ńṣe ló ń bú dìsítíríbútọ̀ náà ṣáá. Mo ní kó dákẹ́, mo bi í pé kí lo wá ṣe nígbà tí ọjà ò sí? Ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, òun ń kọ iye tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí ọjà wọlé òun ti mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ gbé e fún, ìyẹn ló sì jẹ́ kí òun ṣì ta 1,080, kó tó di 1,290 ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Mo ní ìyẹn ni kó sọ, kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, kó sì fi dìsítíríbútọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.